Aṣọ Tí Kò Ní Lébẹ́ẹ̀lì: Bí A Ṣe Ń Fọ Léèsì, Sílíìkì àti Sátíìnì Nílé

Aṣọ rírà láti ṣọ́ọ̀bù máa ń ní lébẹ́ẹ̀lì kékeré kan lẹ́yìn ọrùn tàbí nínú ojú rírán ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán ọwọ́ nínú ọpọ́n omi níbẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fa ìlà dábùú ọpọ́n náà, omi kò gbọdọ̀ kàn án nílé. Léèsì tiwa kì í ní lébẹ́ẹ̀lì. A ra yáàdì márùn-ún ní Bàlógun tàbí ní Gbági, a gbé e fún télọ̀, télọ̀ fi láínìn sí i, ó lẹ sìtéè mọ́ ọrùn rẹ̀, ẹlòmíì tún to òkúta sí i láyà. Nígbà tí aṣọ bá délé, kò sí ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí bí a ó ṣe fọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá gbé bùbá léèsì kan sókè, bíi nǹkan mẹ́rin lẹ dì mú: léèsì fúnra rẹ̀, láínìn abẹ́ rẹ̀, sìtéè tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ọrùn àti etí ọwọ́, àti òkúta tàbí sékúínsì ojú rẹ̀. Ohun tí ọ̀kan gbà, èkejì lè má gbà á. Omi gbígbóná tí kò ní ṣe léèsì olówùú ní nǹkan kan lè mú gọ́ọ̀mù òkúta rọ̀. Èyí tí ara rẹ̀ gbẹgẹ́ jù lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ bá lò, kì í ṣe èyí tó wọ́n jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba aṣọ, ẹ ní kí télọ̀ kó ègé tó ṣẹ́kù fún yín, ti léèsì àti ti láínìn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbá a dànù. Ègé tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ti tó. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù tí ọṣẹ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó gbé e lé aṣọ ìnura funfun, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bí àwọ̀ bá yí aṣọ funfun náà lára, aṣọ yín ń ṣí nìyẹn. Ẹ kò ní rẹ ẹ́ sínú omi pẹ́, ẹ kò sì ní fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ òmíràn. Bí ègé náà bá gbẹ tán, ẹ tún un wọ̀n. Bí láínìn bá súnkì tí léèsì kò súnkì, ohun tí ẹ máa rí lára bùbá lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn: láínìn á fa léèsì sókè nísàlẹ̀, ojú aṣọ á sì máa wú bíi pé afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Kò sí ìlọṣọ tó ń tún un ṣe. Láínìn olówùú ló sábà máa ń ṣe báyìí, nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ pé òun á máa fọ aṣọ òun nílé, kó rẹ láínìn náà sómi, kó sá a gbẹ, kó tó gbé e fún télọ̀ rárá.

Ohun kẹta tí ègé náà ń sọ ni irú òwú tó jẹ́. Ẹ yọ òwú méjì mẹ́ta lára rẹ̀, ẹ fi ohun èlò ìfàrunjú tàbí ẹ̀mú kékeré dì í mú lókè síǹkì, kí ẹ ṣáná sí i. Sílíìkì gidi ń jó díẹ̀díẹ̀, òórùn irun tó jóná ló máa ń yọ, eérú rẹ̀ sì ń lọ̀ kúnná bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó bá ti tutù. Pọ́lísítà ń yọ́, ó ń ká jọ, ó sì ń di kókó dúdú líle tí ìka kò lè fọ́. Òwú gidi, ìyẹn kọ́tìnì, ń jó kíákíá bíi bébà, òórùn bébà náà ló ń yọ. Dídán sátíìnì kò sọ ohun tí wọ́n fi hun ún: ó lè jẹ́ pọ́lísítà, ó sì lè jẹ́ sílíìkì. Púpọ̀ nínú àwọn bùbù tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú ní “sílíìkì” jẹ́ pọ́lísítà tó ń dán. Ìyẹn kò burú fún ẹni tó ń fọṣọ, torí pọ́lísítà lágbára ju sílíìkì lọ nínú omi. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká mú aṣọ kan

Ká sọ pé ìró àti bùbá léèsì oníkọ́ọ̀dù ni, aláwọ̀ wáìnì, tó ní láínìn sátíìnì pọ́lísítà, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ láyà bùbá. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ síbi ayẹyẹ ní Satidé. Òógùn wà lábíyá, páúdà ojú wà lọ́rùn, epo ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sì ta sí ìró níbi itan.

Léèsì oníkọ́ọ̀dù yìí yàtọ̀ sí léèsì tó ní aṣọ pẹlẹbẹ nídìí. Ẹ wò ó súnmọ́lé: kò sí aṣọ kankan lẹ́yìn òdòdó ara rẹ̀. Òdòdó kan ló di èkejì mú pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí afárá. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é ní ilé iṣẹ́, orí aṣọ kan ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí, lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ́ aṣọ ìdí yẹn dànù, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìkan ló kù. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló máa ń já bí ẹ bá fún aṣọ, tàbí bí ẹ bá fi ọwọ́ kan gbé e jáde nínú omi nígbà tó ti mu omi wúwo. Bí ẹ bá rí léèsì tí òdòdó rẹ̀ là sílẹ̀ láìsí pé nǹkan kọ́ ọ, ẹni tó fún un ló ṣe é.

Kí omi tó kàn án, ẹ yọ bẹ́líìtì, búrọ́ọ̀ṣì àti pín-ìn-nì kúrò, ẹ ti síìpù, ẹ de húùkù. Ẹ̀yin náà, ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ yín. Òwú sátíìnì ń rìn gùn lórí kó tó wọlé, ohun tó ń mú un dán nìyẹn, òun náà ló sì ń mú kí èékánná tó ṣán lè fà á yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yí bùbá síta sínú, kí òkúta lè wà nínú.

Epo ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, torí bí omi bá ti dé orí rẹ̀, ó ti ṣòro. Bí ẹ bá ti délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má fi ọwọ́ pa á. Ẹ fi tíṣù fà á gbẹ, ẹ da páúdà funfun tí a fi ń pa ara ọmọ lé e lórí, kí ó sùn síbẹ̀. Páúdà á ti fa èyí tó pọ̀ nínú epo náà kó tó di àárọ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣì ṣókùnkùn, ẹ kán ẹ̀kán kan ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i láti ẹ̀yìn aṣọ, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ láti etí wá sí àárín, kó má baà fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó ṣe sí páúdà ọrùn. Lára léèsì olówùú funfun, àwọ̀ pupa tí epo tàbí tòmátì bá fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rá ti kúrò ń ṣá bí a bá sá a sójú oòrùn. Ẹ má dán ìyẹn wò lára sílíìkì tàbí lára aṣọ aláwọ̀ bíi tiwa yìí.

Omi, ọṣẹ àti ọwọ́

Ẹ bu omi tó lítà 10, ìyẹn ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ilé iṣẹ́ ọ̀dà, sínú báfù tó fẹ̀. Kí ó tutù, tàbí kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kó má kọjá ìwọ̀n 30 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí ẹ gbọ́ gbígbóná, ó ti pọ̀ jù. Ohun tí gbígbóná kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́ lára aṣọ yìí ni sìtéè: gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ á tú, ọrùn bùbá á wá yọ ìléròrò wẹ́wẹ́ tí kò ní lọ mọ́.

Irú omi náà ṣe pàtàkì. Omi bohóòlù tó bá ń fi ìdọ̀tí pupa sílẹ̀ nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì ní irin nínú, irin yẹn á sì dúró lára léèsì funfun bí ìpẹtà. Tí jíìkì bá tún wá kan ìpẹtà náà, ṣe ló máa ń le sí i. Ẹ fi omi òjò tí ẹ gbè fọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ jẹ́ kí omi bohóòlù sùn, kí ẹ fara balẹ̀ ré ti òkè, kí ẹ sì sẹ́ ẹ nínú aṣọ mímọ́.

Ọṣẹ: ìdérí ìgò kan ọṣẹ olómi fún aṣọ ẹlẹgẹ́, tàbí ṣámpù ọmọdé. Ẹ pò ó mọ́ omi kí aṣọ tó wọlé, ẹ má da ọṣẹ sí aṣọ lórí. Ọṣẹ oníyẹ̀fun kì í tètè yọ́ nínú omi tútù, hóró rẹ̀ á sì há sáàárín òdòdó léèsì. Ọṣẹ dúdú àti ọṣẹ gígé le jù fún aṣọ báyìí.

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé bùbá sínú omi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀, kí omi máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ tún un tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin, ẹ kò gbọdọ̀ bó o, ẹ kò gbọdọ̀ fi ìhà kan pa èkejì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn, kó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ torí pé aláwọ̀ ni. Abíyá ni kí ẹ fojú sí: ẹ tẹ́ ẹ lé àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì máa lù ú fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Omi á pọ́n díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹ má jáyà. Tó bá jẹ́ pé omi ìṣàn kẹta ṣì ń pọ́n, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ ṣàn án kíákíá, kí ẹ lọ sá a.

Láti gbé e jáde, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣàn án nínú omi tuntun títí ìfófò fi tán. Ọṣẹ tó bá ṣẹ́kù ló ń mú kí sátíìnì le, kó sì ní àmì bí ètè omi nígbà tó bá gbẹ. Ìró yóò tẹ̀lé e nínú omi tirẹ̀, kì í ṣe nínú omi tí bùbá ti ṣí sí.

Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura tó nípọn sílẹ̀, ẹ tẹ́ bùbá lé e, ẹ ká méjèèjì pọ̀ bí ẹní, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi tí ẹ̀ bá fún dànù ni aṣọ ìnura yìí máa mu. Ẹ wá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí ẹní tàbí àwọ̀n ìsáṣọ, nínú ibòòji tí afẹ́fẹ́ wà. Bí ẹ bá fi léèsì oníkọ́ọ̀dù tútù kọ́ orí okùn, ìwúwo omi á fà á gùn, èjìká á sì wú níbi tí okùn wà. Háńgà onírin ń pẹtà. Oòrùn gangan á ṣá àwọ̀ wáìnì náà ní ìhà kan, ẹ óò sì wá ní aṣọ àwọ̀ méjì.

Nígbà tí ọ̀rinrin díẹ̀ bá ṣẹ́kù lára rẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì, ẹ da ojú léèsì délẹ̀ lé e, kí ẹ lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín áyọ́ọ̀nù àti aṣọ. Òdòdó á wọ inú aṣọ ìnura, kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fo ibi tí òkúta wà. Ooru áyọ́ọ̀nù ni wọ́n fi lẹ àwọn kan nínú òkúta wọ̀nyí, ooru náà ló sì máa tú wọn.

Sílíìkì gidi

Ohun tí sílíìkì fi yàtọ̀ ni pé ara kòkòrò ló ti wá, bí irun ṣe ti ara ènìyàn wá. Ohun tó bá lè jẹ irun á jẹ ẹ́. Jíìkì ni olórí wọn. Oníbàárà kan gbé búláòsì sílíìkì funfun wá bá mi, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi jíìkì díẹ̀ sí i, abíyá rẹ̀ ti ń pọ́n.” Mo ní: “Àbúrò, tí mo bá fi sí i, pípọ́n ló máa pọ́n sí i, lẹ́yìn náà á ya.” Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó mọ̀ pé ní àwọn ọdún 1880, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣe léèsì tí kò ní aṣọ nídìí ní Plauen ní Jámánì àti ní St. Gallen ní Switzerland, orí sílíìkì ni wọ́n ń kó iṣẹ́ òwú sí, wọ́n á wá rì í sínú èròjà tó le tó láti jẹ sílíìkì náà tán kí òwú lè ṣẹ́kù.

Ẹ wo ẹ̀yìn páálí ọṣẹ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé énsáìmù wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ fún aṣọ yòókù. Ohun tí wọ́n fi ń jẹ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ àti ẹyin lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sílíìkì náà, díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ á fi kú tí ara rẹ̀ á sì rẹ̀.

Fífọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí mo ti sọ. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nínú omi lápapọ̀, torí sílíìkì tó tutù kò lágbára tó èyí tó gbẹ. Nínú omi ìṣàn ìkẹyìn, ẹ da ṣíbí ìjẹun kan fíníkà funfun sí lítà márùn-ún omi, ẹ ri aṣọ náà bọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì fi omi lásán ṣàn án. Ó ń lé ìyókù ọṣẹ lọ, dídán rẹ̀ á sì padà. Ẹ má wọ́n omi lé sílíìkì gbígbẹ nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀kán omi á fi àmì yípo sílẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ ṣì tutù díẹ̀ bákan náà, láti inú, pẹ̀lú ooru tó kéré jù lọ. Bí àmì ẹ̀kán omi bá ti wà níbẹ̀, ẹ tún gbogbo aṣọ náà rì sómi, ẹ má ṣe fọ ojú ibẹ̀ nìkan.

Òógùn kì í dúró de Satidé tó ń bọ̀. Bí ẹ kò bá ráàyè fọ̀ ọ́ lálẹ́, ẹ fi omi tútù ṣan abíyá rẹ̀ láti inú, kí ẹ sì kọ́ ọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Lọ́fínńdà náà, kí ẹ fín in sára kó gbẹ kí aṣọ tó wọlé.

Àpò àwọ̀n àti ẹ̀rọ

Bùbù pọ́lísítà tó ń dán, síìmí sátíìnì, fìlà ìsùn, kọ́ọ̀sẹ́ àti léèsì pẹlẹbẹ tí kò ní òkúta lè wọ ẹ̀rọ bí wọ́n bá wà nínú àpò àwọ̀n onísíìpù. Léèsì oníkọ́ọ̀dù, aṣọ olókùúta, èyí tó ń ṣí àti sílíìkì tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má kó wọn síbẹ̀. Ohun tí àpò ń ṣe kò ju pé kó dènà ìkọ́ àti fífà láàárín aṣọ yìí àti òmíràn. Kò dá omi gbígbóná dúró, kò sì dá sípín-ìnì dúró.

Ẹ ra àpò tí ojú àwọ̀n rẹ̀ wẹ́, tí ìbòrí kékeré wà fún orí síìpù rẹ̀, kí síìpù náà má lọ ṣí láàárín ìfọ̀. Aṣọ kan nínú àpò kan. Bí ẹ bá kó o sínú rẹ̀ tí àpò kún dẹ́múdẹ́mú, omi kò ní ráàyè kọjá, aṣọ á kàn jáde ní rírún pẹ̀lú ọṣẹ láàárín rẹ̀. Bí àpò bá sì tóbi ju aṣọ lọ jìnnà, aṣọ á máa yí nínú rẹ̀ títí á fi di kókó. Ẹ yí aṣọ síta sínú, ẹ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì, kó gba bí ìdajì àpò.

Ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ wà níwájú rọrùn fún aṣọ ju èyí tó ní òpó láàárín lọ, torí òpó yẹn ló ń fa aṣọ kiri. Ẹ yan ìfọ̀ ẹlẹgẹ́, omi tútù, kí sípín-ìnì má kọjá 600 ní ìṣẹ́jú kan. 400 sàn jù. Kí jíńsì, aṣọ ìnura àti ohunkóhun tó ní síìpù irin má sí nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ onílé méjì tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa kò ní ìfọ̀ ẹlẹgẹ́ tòótọ́, abẹ́ rẹ̀ ń yí omi le gan-an. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni kí ẹ yí i sí níbẹ̀, kí ẹ ṣan aṣọ náà lọ́wọ́, kí ẹ sì fi aṣọ ìnura gbà á dípò ilé sípín-ìnì. Ní kété tí ẹ̀rọ bá dúró ni kí ẹ kó o jáde. Pọ́lísítà tó bá jókòó ní rírún á di ìrún yẹn mú.

Èyí tí kò yẹ kó kan omi nílé

Gèlè sẹ̀gọ̀ kì í ṣe aṣọ fífọ̀. Líle rẹ̀ ni ẹwà rẹ̀, omi á sì mú un rọ̀. Ẹ fi aṣọ tútù díẹ̀ nu ibi tí páúdà iwájú orí yí, kó gbẹ kí ẹ tó ká a. Aṣọ ìyàwó tó ní ìpele púpọ̀, àti sílíìkì tí ègé rẹ̀ bá ṣí nínú omi tútù, dráìkílínà ni kí ẹ gbé wọn lọ. Àmọ́ ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń fọṣọ, torí púpọ̀ nínú àwọn tó kọ orúkọ yẹn sí ojú ṣọ́ọ̀bù, omi àti ọṣẹ bíi tiwa ni wọ́n ń lò. Bó bá sì jẹ́ kẹ́míkà gidi ni, òun náà lè yọ́ gọ́ọ̀mù òkúta, ó sì lè jẹ dídán sékúínsì. Ẹ fi ègé ọwọ́ télọ̀ tí ẹ ti tọ́jú han ẹni tó ń gba aṣọ náà, kí ó fi dán an wò níwájú yín kí ẹ tó fi èyí tó wọ́n sílẹ̀.